Ìwé Tó Dé Lẹ́yìn Ìdánwò

Nígbà tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí pèpéle ní kí àwọn olùkọ́ dìde, kí wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ bí ọmọ kíláàsì, Màmá Ìṣirò kò dìde. Ó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó di báàgì rẹ̀ mú lórí itan bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé olè wà nítòsí. Gbogbo ilé ń dún. Àwọn olùkọ́ ń fa àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ìgbà tí oúnjẹ ọ̀sán máa dé. Lára ògiri, ẹ̀rọ ń tan lẹ́tà gàgàrà: ÌLÀNÀ Ẹ̀KỌ́ TUNTUN FÚN GBOGBO ORÍLẸ̀-ÈDÈ. Lábẹ́ lẹ́tà yẹn, lórí àga kan tó ṣófo ní iwájú, ọmọ àbúrò rẹ̀ jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló rí, ṣùgbọ́n ó dá a mọ̀. Ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí kì í dúró, apá òsì tó máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn àga bí ọlọ́jà tó ti tajà tán. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti rí i kẹ́yìn. Bó bá ṣì wà láyé, ó yẹ kó ti di bàbá ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n èyí tó jókòó síwájú yìí ò dàgbà rárá. Ó yí orí díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ nawọ́ béèrè ọ̀rọ̀, ni olùkọ́ kan bá wá gbé báàgì ka orí àga náà. Àga di àga lásán.

"Màmá, ẹ ò bá wa ṣeré ni?"

Tíṣà Àgùnfọn ló ń pè é. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ ní ilé-ìwé wọn. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ní òun nìkan ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

"Orúnkún ń dùn mí," ni Màmá Ìṣirò wí.

"Orúnkún tó gun àtẹ̀gùn láàárọ̀ yìí náà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

Lóòótọ́, kò sí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ní ilé-ìwé wọn. Nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ ti ìṣáájú dé, Màmá Ìṣirò ló kọ́kọ́ fọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n ní àkọ́sórí ti tó gẹ́ẹ́, kí ọmọ máa wádìí, kí ọmọ máa wọn nǹkan, kí ọmọ máa bá ara wọn jiyàn. Ó gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti ń fẹ́ kọ́ni bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó kó àwọn ọmọ jáde lọ wọn òjìji igi, ó ní kí wọ́n fi okùn pín pápá. Ó lọ bá àwọn olùkọ́ yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, wà nínú kíláàsì náà. Dókítà ni wọ́n ń pè é, torí pé ohun tó fẹ́ dà nìyẹn láti ìgbà tó ti lè sọ̀rọ̀. Òun nìkan ló máa ń bi í léèrè nígbà gbogbo pé, "Màmá, ṣé irú èyí ló máa wá nínú ìdánwò?" Màmá Ìṣirò a fún un lésì tí wọ́n fún òun ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́: wọ́n ti yí ìdánwò padà, má yọ ara rẹ lẹ́nu.

Wọn ò yí i padà. Ìdánwò àṣekágbá tó délẹ̀ lọ́dún náà, ìdánwò àtijọ́ ni, àkọ́sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ọmọ tó wọn òjìji igi jókòó sídìí ìbéèrè, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó wọ ilé onílé. Nígbà tí èsì dé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Dókítà ka tirẹ̀, ó wálé, ó jẹun, ó fọ abọ́ tó fi jẹun, ó dojú rẹ̀ dé kó lè gbẹ. Ó ní òun fẹ́ lọ sí ilé ọ̀rẹ́ òun. Títí di òní, kò sí ẹni tó rí òkú rẹ̀, kò sí ẹni tó rí i láàyè.

Nígbà tó di ọdún kejì, ìjọba mìíràn ti gorí oyè, wọ́n ní àwọn ti pa ìlànà náà tì. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ ńlá kan wá já àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ìwé, páálí lórí páálí. Wọ́n kó wọn sínú yàrá ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí kíláàsì àwọn ọmọ yẹn wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti àgádágodo mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó tún jókòó síbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ pé bí gbogbo ibi bá dákẹ́, àwọn ń gbọ́ bí ẹni ń ṣí ìwé níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní eku ni. Síbẹ̀, olùkọ́ tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ yàrá náà kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yá.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ inú gbọ̀ngàn náà parí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlànà tuntun náà lẹ́nu ẹnìkan ni, ẹni yẹn náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn tó lọ sí olú ìlú. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu dé ẹnu báyìí ti dà bí ọbẹ̀ tí gbogbo ẹni tó gbà á ń bomi là. Nígbà tí Màmá Ìṣirò dìde, tó béèrè bóyá ìdánwò ti yí padà, ọkùnrin náà ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀ síwájú sẹ́yìn.

"Ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n ní ká sọ, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà gbọ́."

"Mo ti gba irú ẹ̀ gbọ́ rí," ni obìnrin náà wí, ó sì jókòó.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, àṣẹ dé pé kí gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ìlànà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àti àwọn tó ń múra ìdánwò àṣekágbá. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò fẹ́ràn wàhálà, pe ìpàdé sí yàrá àwọn olùkọ́.

"Ìwé ńkọ́?" ni olùkọ́ ìtàn béèrè.

"Wọ́n ní ó ń bọ̀."

Ẹ̀rín bú. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ẹnìkan tọ́ka sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí ìwé tuntun náà kúkú lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá.

"Wọ́n ní ká pín ọmọ sí ẹgbẹ́ mẹ́rin mẹ́rin," ni Tíṣà Àgùnfọn wí. "Àádọ́rin ọmọ ló wà ní kíláàsì mi. Bí mo bá fẹ́ débi àwọn tó wà lẹ́yìn, àfi kí n gun orí tábìlì. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹni wo ni wọ́n bi léèrè? Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó kọ ìwé yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ò tíì mọ nǹkankan rí láyé títí tí òun fi dé."

"Òjò ni ìlànà yìí," ni olùkọ́ ìtàn wí. "Ẹ jẹ́ ká yà sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Á dá."

Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n bá aṣọ́nà ẹnu géètì sọ̀rọ̀: bó bá rí ọkọ̀ ìjọba, kó lu agogo lẹ́ẹ̀mejì. Bí agogo bá ti dún, àwọn ọmọ á yí bẹ́ǹṣì kojú síra wọn, wọ́n á tẹ́ páálí ìyàwòrán sílẹ̀, wọ́n á máa jiyàn bí aṣòfin. Bí ọkọ̀ bá ti lọ, wọ́n á yí bẹ́ǹṣì padà, wọ́n á padà sí àkọ́sórí. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe débi pé wọ́n ń díje lórí kíláàsì tó máa ń yára yí padà jù. Ìròyìn tó ń lọ sókè ni pé ilé-ìwé náà ń ṣe dáadáa.

Ṣùgbọ́n ní kíláàsì Màmá Ìṣirò, nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá yí bẹ́ǹṣì kojú síra wọn, àyè kan máa ń ṣófo lẹ́bàá fèrèsé, ibẹ̀ ni ó sì ti máa ń rí i, pẹ̀lú kọ́là tí ò dúró. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ gòkè níbẹ̀, kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti yá: "Ìwọ tó wà lẹ́bàá fèrèsé, sọ̀rọ̀." Àádọ́rin orí ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wo bẹ́ǹṣì tó ṣófo. Ọmọbìnrin tó jókòó súnmọ́ ibẹ̀ jù rọra kó ìwé rẹ̀, ó sún kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá kí i ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, kò sọ fún un. Báwo ni yóò ti sọ fún ìyá ọmọ pé òun ń rí ọmọ rẹ̀? Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí àti òrùlé tó ń jò. Àbúrò rẹ̀ wá sọ lójijì pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé wọ́n tún ti gbé òmíràn dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fi ọmọ ọlọ́mọ dánra wò." Kò gbójú sókè. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Kò ju bíi ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ omi ńlá kan bàjẹ́ sẹ́nu géètì ilé-ìwé. Olùbẹ̀wò tuntun tí ìjọba yàn fún agbègbè náà dé, kò rí ọ̀nà wọlé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, láti ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí. Agogo ò dún. Ìró tí ó gbọ́ láti inú kíláàsì kan ni àwọn ọmọ tó ń kọrin bí a ṣe ń fi ìdá pín ìdá: "Dojú ìdá kejì dé, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po! Dojú ìdá kejì dé!" Ó tẹ̀lé ohùn náà títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn Màmá Ìṣirò.

Nígbà tí obìnrin náà rí i, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Fún ìṣẹ́jú kan, kò mọ ẹni tó ń wò.

"Ẹ má bínú, mà, mo dé láìròtẹ́lẹ̀," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ti yẹ kó ṣe sí àgbà. Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Kí ló dé tí a fi ń dojú rẹ̀ dé?"

Ọmọkùnrin kan dìde kánkán. "Torí pé màmá ní ká dojú rẹ̀ dé, sà!"

Olùbẹ̀wò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá Ìṣirò ò dúró kó bi òun léèrè.

"Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀."

"Mi ò wá láti kọ orúkọ, mà. Ìròyìn ilé-ìwé yìí ló dára jù ní agbègbè wa. Ó dára ju bó ti yẹ lọ, ìyẹn ló gbé mi wá. Kí ni ẹ̀ ń bẹ̀rù?"

Màmá Ìṣirò ò retí irú ìbéèrè yìí. Ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá láti ọ́fíìsì, ó mú un lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgádágodo ti dípẹtà, kò ṣí àfi ìgbà tí wọ́n fi òkúta lù ú. Inú yàrá ń rùn bí aṣọ tó rẹ sínú omi tí kò rí oòrùn. Páálí dé òrùlé. Ikán ti jẹ ìsàlẹ̀ wọn débi pé gbogbo òkìtì náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí bọ́ọ̀dù, ìyàwòrán igi kan àti òjìji rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ Màmá Ìṣirò fúnra rẹ̀ ló yà á. Ẹnikẹ́ni ò pa á rẹ́.

"Ìwé tí wọ́n ní ó ń bọ̀ nìyí," ni ó wí. "Ó dé lẹ́yìn ìdánwò. Ó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìlànà náà tì." Ó wá sọ ọ̀rọ̀ Dókítà fún un, títí dé orí abọ́ tí ó dojú rẹ̀ dé kó lè gbẹ. "Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Mo fẹ́ bi yín ní ohun kan ṣoṣo: ṣé wọ́n ti yí ìdánwò padà?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà dúró síwájú bọ́ọ̀dù. Nǹkan kan ṣí láàárín páálí, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ewé ìwé, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó dárúkọ eku.

"Mi ò mọ̀, mà," ló sọ níkẹyìn.

Láti ìgbà tí Màmá Ìṣirò ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, kò tíì sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó sọ gbólóhùn yẹn fún un rí.

"Ìdánwò ọdún yẹn lèmi náà ṣe," ni olùbẹ̀wò tún wí. "Ibòmíràn ni mo wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìdánwò náà kí n tó yege. Mo kórìíra àwọn tó ṣe é sí wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí tíṣà wa ní ká lọ wọn òjìji, mà, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rántí nínú gbogbo ìṣirò tí mo kọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ò burú. Bí wọ́n ṣe gbé e wá ló burú." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè."

Màmá Ìṣirò ò retí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá lọ sí olú ìlú lọ béèrè ọ̀rọ̀, ìgbà tó bá dé là á kí i. Ṣùgbọ́n kí sáà náà tó parí, ó dé. Obìnrin kan tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ìbéèrè ní ilé-iṣẹ́ ìdánwò, tó ti kọ́ni ní ìmọ̀ èdè rí kó tó lọ síbẹ̀. Wọ́n jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́. Aṣọ́nà ti lu agogo lẹ́ẹ̀mejì. Olùbẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti yí bẹ́ǹṣì.

"Ìdánwò ò tíì yí padà," ni obìnrin náà sọ. "Wọn ò tíì ní ká kọ òmíràn. Bí wọ́n bá sọ fún wa lónìí, ó máa gbà wá tó ọdún mẹ́ta kí a tó kọ ìbéèrè, kí a dán an wò, kí a tún un ṣe."

Yàrá gbaná. Olùkọ́ ìtàn dìde, ó ní òun ti wí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Tíṣà Àgùnfọn fi ọwọ́ lu tábìlì. Ọ̀gá ilé-ìwé ń bẹ̀bẹ̀. Láàárín ariwo yẹn, Màmá Ìṣirò ń wo igun yàrá. Ó rí ọmọ náà tó fara ti kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń wo ẹnu rẹ̀. Kò béèrè nǹkankan lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn ń dúró ni.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Màmá Ìṣirò wí, wọ́n sì dákẹ́. Ó kọjú sí obìnrin náà. "Àwọn ọmọ tó ti wà lágbedeméjì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n parí lórí èyí tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Kíláàsì àkọ́kọ́ nìkan ni kó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Bí wọ́n bá ti ń gòkè, kó máa bá wọn gòkè lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n bá máa dé orí ìdánwò, tiyín náà á ti délẹ̀."

"Kí wọ́n sì fún wa ní àpẹẹrẹ ìbéèrè báyìí," ni Tíṣà Àgùnfọn gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Bí mo bá rí ohun tí ẹ máa bi ọmọ, mo mọ ohun tí mo máa kọ́ ọ. Kí ìwé dé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì má tún kó wa lọ sí gbọ̀ngàn mọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa onísáyẹ́ǹsì agbègbè yìí máa pàdé ní ọ̀sán kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹni tó bá gbìyànjú nǹkan wá sọ ibi tí ó ti kọsẹ̀. Ẹ wá jókòó sí kíláàsì mi pẹ̀lú àádọ́rin ọmọ, kí ẹ fi hàn mí bí ẹ ṣe máa ṣe é."

"Mi ò lè ṣèlérí," ni obìnrin náà wí, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Mo lè sọ ohun kan fún wọn: a ò ní kọ ìdánwò tuntun fún ọmọ tí wọn ò kọ́. Ìyẹn, àwa la ni ín."

Orí kunkun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe lókè. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu aláṣẹ pé gbogbo kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣòro fún ẹni ńlá láti gbé itọ́ tó ti tu sílẹ̀ mì. Wọ́n pe olùbẹ̀wò, wọ́n bi í léèrè bóyá àwọn olùkọ́ ló ń sanwó oṣù rẹ̀. Àwọn onídánwò ló fà á yọ. Wọ́n ní àwọn ò ní kọ ìdánwò tuntun fún ọmọ tí wọn ò kọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ síwèé bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n fàyè gba agbègbè náà láti gbìyànjú rẹ̀ bí àwọn olùkọ́ ti wí. Ní àwọn agbègbè tó kù, àṣẹ àkọ́kọ́ ṣì ń lọ, agogo ṣì ń dún lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ní kí Màmá Ìṣirò wá bá wọn kọ àpẹẹrẹ ìbéèrè. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó wá lọ. Lọ́jọ́ tí ó dé láti ibẹ̀, ó kọjá sí ilé àbúrò rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ti ìdánwò, àti ti ẹni tó ń rí. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Ṣé ó rù?"

"Rárá. Bó ṣe wà náà ló wà."

"Ṣé ó ń bínú sí yín?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

Àwọn méjèèjì wá sunkún, irú èyí tí wọn ò sun nígbà náà torí pé ẹni tí wọ́n ń wá ni, wọn ò tíì lè sunkún rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Màmá Ìṣirò kò yéé rí ọmọ náà pátápátá. Ṣùgbọ́n ó dín kù, kò sì tún yà á lẹ́nu mọ́. Bó bá rí i, á kàn máa bá ohun tó ń ṣe lọ, bí a ti ń ṣe nígbà tí ará ilé ẹni bá gba iwájú ẹni kọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, ìwé kíláàsì àkọ́kọ́ dé kí àwọn ọmọ tó wọlé. Kò pé, ọmọ méjì-méjì ló ń lo ẹyọ kan. Màmá Ìṣirò gé bébà gbọọrọ gbọọrọ, ó ní kí wọ́n wo iye ìdámẹ́rin tó wà nínú ọ̀kan ààbọ̀. Wọ́n ká a, wọ́n ya á, wọ́n jà sí i. Ọmọbìnrin kékeré kan ní mẹ́fà ni, wọ́n ní irọ́ ni, ó wá tẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn. Ariwo pọ̀. Kò tíì dá Màmá Ìṣirò lójú pé wọ́n á mú ìlérí wọn ṣẹ nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá dàgbà, ẹ̀rù náà ò sì kúrò láyà rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Tíṣà Àgùnfọn bẹ̀rẹ̀ kí orí rẹ̀ má baà gbá àtẹ́rígbà, ó gbé àga kan dání.

"Mo gbọ́ ariwo yín láti ọ̀nà jíjìn," ni ó wí. "Ọ̀la ló kàn mí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó wò ó."

"Wá jókòó," ni Màmá Ìṣirò wí, ó sì na bébà kan sí i.